“Fọ́tò mi ni, ara mi ni”

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi í gbọ́: “Fọ́tò mi ni, ara mi ni, kí ló kan ẹnikẹ́ni bí mo bá tún un ṣe?” Ẹni tó ń sọ ọ́ gbà pé níwọ̀n ìgbà tí kì í ti í ṣe ojú ẹlòmíràn lòun fọwọ́ kàn, òun ò ṣẹ ẹnìkan.

Òótọ́ wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi títún fọ́tò ṣe jẹun ló ní òṣùwọ̀n kan: ohun tí yóò ti lọ lára lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, bí irorẹ́, wọn á pa á rẹ́. Ohun tí yóò ṣì wà níbẹ̀, bí àpá tàbí ilà ojú, wọn á fi sílẹ̀, àfi bí ẹni tó ni ojú bá ní kí wọ́n yọ ọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń yí padà ni ìgbà tí ara náà bá di ẹ̀rí. Ẹ jẹ́ ká wo obìnrin kan tó ń po kríìmù tà l'Ékòó. Ó gbé fọ́tò ara rẹ̀ síta, kò dárúkọ ọjà kankan. Ṣùgbọ́n ó ti fi áàpù mú ojú dán, ó sì ti fún ìbàdí wọlé. Ẹnìkan bi í pé, “Àǹtí, kí lẹ fi ń para?” Ó ní kó wá bá òun ní kọ̀rọ̀. Láti ìgbà yẹn, fọ́tò náà ti di ìpolówó ọjà.

Bí ẹ bá wò ó dáadáa, ìlà táìlì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ tẹ̀ níbi ìbàdí, nítorí áàpù máa ń fa ohun tó yí ara ká mọ́ ọn. Oríkèé ìka rẹ̀ dúdú ju ojú lọ. Àwọn kan á ní ó bóra ni, ó sì lè rí bẹ́ẹ̀, torí oríkèé kì í tètè bó. Ṣùgbọ́n awọ tí wọ́n bó ṣì ní ihò irun. Èyí tí áàpù mú dán kì í ní. Ẹ má fi ìyẹn nìkan dájọ́ o: Wáásáàpù náà máa ń fún fọ́tò pọ̀, ihò ara sì lè bá a lọ.

Ní Nọ́wè, láti oṣù Keje 2022, òfin ní kí àmì wà lórí fọ́tò ìpolówó tí wọ́n bá ti yí ìrísí ara, ìtóbi tàbí awọ padà, títí kan ti àwọn gbajúmọ̀ orí ayélujára tí wọ́n sanwó fún. Bóyá àmì náà tó ni kò dá mi lójú, nítorí ìwádìí mélòó kan ti rí i pé ẹni tó ka irú àmì bẹ́ẹ̀ ṣì ń fi ara tirẹ̀ wé ti inú fọ́tò.

N kò ní sọ pé kí ẹnikẹ́ni má tún fọ́tò ọjọ́ ìbí rẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó sanwó kríìmù nítorí ojú kan, ẹ béèrè fídíò tí wọ́n yà nínú oòrùn, kí olùtajà fi ọwọ́ kọjá níwájú ojú rẹ̀. Ibẹ̀ ni fílítà tó ń mú ojú dán nínú fídíò ti sábà máa ń já.