Owó ni wọ́n kọ sínú fọ́ọ̀mù

Ọdọọdún ni wọ́n máa ń sọ ọ́. Ẹ̀ka tó ń bójú tó òṣìṣẹ́ á gbé ìròyìn àwọn tó fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ síwájú àwọn ọ̀gá pátápátá, wọ́n á fi àwòrán róbótó kan hàn tí wọ́n pín bí kéèkì, apá tó tóbi jù á jẹ́ “owó”, ẹnì kan á sì mi orí: “Mo ti sọ fún yín. Owó ló ń lé wọn lọ.” Èmi náà kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn pé owó ṣe pàtàkì. Nàìjíríà la jọ wà, a sì jọ mọ ohun tí ojú rí lẹ́yìn tí wọ́n tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé àwòrán róbótó yẹn ni wọ́n mú ní ẹ̀rí.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń rí “owó” yẹn. Òṣìṣẹ́ ti kọ̀wé fipò sílẹ̀. Ó ń gbé ìwé kílíránsì káàkiri, ó ti dá kọ̀ǹpútà padà, ó ti dá káàdì ìdánimọ̀ padà, owó oṣù ìkẹyìn rẹ̀ kò tíì wọlé. Wọ́n wá fún un ní fọ́ọ̀mù kan tó béèrè pé, “Kí ló dé tí ẹ fi ń lọ?”, pẹ̀lú àpótí márùn-ún láti mú nínú rẹ̀. Ẹni tó na fọ́ọ̀mù náà sí i ni yóò fọwọ́ sí owó tó kù, òun náà ni yóò gbé fóònù nígbà tí ilé iṣẹ́ tuntun bá pè láti béèrè ìwà rẹ̀. Ta ni yóò kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀gá òun ń bú òun níwájú àwọn ọmọ iṣẹ́? Ohun tó ṣe ọ̀bọ tí kò fi sọ̀rọ̀, inú ọ̀bọ ló ń gbé. “Owó” ni ìdáhùn tí kò bí ẹnikẹ́ni nínú, nítorí náà òun ló máa ń wá sí ọwọ́.

Kì í tilẹ̀ ṣe irọ́. Ẹni tó kó kúrò nínú ilé tí òrùlé rẹ̀ ń jò, tó sì rí ilé mìíràn tí omi ẹ̀rọ wà, bí ẹ bá bi í pé kí ló dé tó fi lọ síbẹ̀, á ní omi wà níbẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òrùlé kò sí nínú ìdáhùn yẹn. Kò wọ́pọ̀ kí ènìyàn fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ gba owó tó kéré sí ti tẹ́lẹ̀, nítorí náà ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ lé lọ àti ẹni tí ebi lé lọ á jọ mú àpótí kan náà.

Ìbéèrè tó dára jù máa ń lọ bá ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. “Ìgbà wo lẹ kọ́kọ́ tún síìfí yín kọ? Kí ló ṣẹlẹ̀ lásìkò yẹn?” “Ṣé ẹ̀yin lẹ wá iṣẹ́ tuntun yìí lọ, àbí àwọn ló pè yín?” “Kí ẹ tó kọ̀wé, ta lẹ sọ fún, kí ni ó sì ṣe sí i?” Má béèrè pé, “Bí a bá fi owó kún un, ṣé ẹ máa dúró?” Ìdáhùn rẹ̀ kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Kí ọ̀gá tó ń darí ẹni náà má sì wà níbi tí ẹ ti ń bi í ní ìbéèrè, kí ìjókòó náà sì dúró títí owó ìkẹyìn rẹ̀ á fi wọlé. Àwọn kan máa ń pè é lórí fóònù lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, tí ara ti tù ú.

Síbẹ̀, ìbéèrè tó dára nìkan kò tó, ibí yìí sì ni orí mi ti máa ń gbóná. Ìròyìn tí wọ́n máa ń kọ, àwọn tó lọ nìkan ló kà. Àwọn tó dúró kò sí nínú rẹ̀.

Ká fi àpẹẹrẹ wò ó. Ká ní ilé iṣẹ́ kan ní òṣìṣẹ́ 120, tí 22 lọ láàárín ọdún kan, tí 15 nínú wọn sì kọ “owó”. Ìdá 68 nínú 100 nìyẹn, àwọn ọ̀gá á sì fẹ́ fi ìdá 10 kún owó gbogbo ènìyàn. Ẹ wá jẹ́ ká ka àwọn tó kù. Ènìyàn 30 ló wà ní ilé ìkẹ́rùsí, 12 ti lọ. Ẹ̀ka ìṣirò owó àti ti ìtajà jẹ́ 40, ìpele kan náà ni wọ́n wà, owó kan náà ni wọ́n ń gbà, ènìyàn mẹ́ta péré ló lọ. Bí owó bá ń lé ènìyàn, kí ló dé tí kò lé àwọn 40 yìí?

Ẹ tún wo fọ́ọ̀mù. Nínú àwọn 12, mẹ́sàn-án kọ owó. Nínú àwọn mẹ́ta, gbogbo wọn ló kọ owó. Fọ́ọ̀mù kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ibi tó ń jó àti ibi tí kò jó. Àfìgbà tí a bá 10 nínú àwọn 12 sọ̀rọ̀ ni ìyàtọ̀ náà tó hàn: méje sọ pé oṣù méjì tó tẹ̀lé ìgbà tí wọ́n yí iṣẹ́ òru padà láìsọ fún ẹnikẹ́ni ni àwọn bẹ̀rẹ̀ sí í wá iṣẹ́. Bí a bá fi owó kún ti gbogbo ènìyàn, ọ̀pọ̀ nínú owó yẹn á lọ sọ́wọ́ àwọn tí kò fẹ́ lọ tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ òru á sì wà bó ṣe wà.

Ó jọ bẹ́ẹ̀, n kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ènìyàn 12 kò pọ̀. Ó lè jẹ́ pé ilé ìkẹ́rùsí mìíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ní ìtòsí tó ń pe àwọn òṣìṣẹ́ yẹn, tí kò sì sí irú rẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìṣirò owó. Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè “ta ló pè yín” fi wà níbẹ̀. Ọdún mìíràn sì wà tí owó gan-an ni, tí gbogbo ẹ̀ka á máa jó bákan náà. Bí ìròyìn bá fi àwọn tó dúró síbẹ̀, ojú á rí i.

Nítorí náà, kí ojú ìwé àkọ́kọ́ ìròyìn sọ iye tó wà, iye tó lọ, iye tó gbà láti bá wa sọ̀rọ̀ àti iye tó kọ̀. Ènìyàn ni kí a kà, kì í ṣe iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ jáde: ẹni tó dárúkọ ọ̀gá rẹ̀ lẹ́ẹ̀márùn-ún, ẹnì kan ni. Kí ènìyàn méjì ka àkọsílẹ̀ ohun tí àwọn tó lọ sọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí oníkálukú pín in sí ìsọ̀rí kí wọ́n tó jọ fi wéra. Níbi tí wọn kò bá ti fẹnu kò, orúkọ ìsọ̀rí náà ló rújú.

Ẹ sì ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ ẹnu ènìyàn tí ẹ ń fà yọ síbẹ̀. “Òṣìṣẹ́ kan sọ pé nígbà tí òun padà dé láti ìsinmi ìbímọ, wọ́n ti gba tábìlì òun.” Ẹ kò dárúkọ, ṣùgbọ́n nínú ẹ̀ka tí ènìyàn mẹ́ta ti lọ, gbogbo ilé ló mọ ẹni náà, ọ̀gá tó ń ka ìròyìn náà sì ni yóò gba ìpè ilé iṣẹ́ rẹ̀ tuntun. Bí ẹ̀ka kan kò bá ní tó ènìyàn márùn-ún tó lọ, ẹ pa á pọ̀ mọ́ òmíràn. Bí ẹnì kan bá sì sọ pé wọ́n fọwọ́ kan òun níbi tí kò yẹ, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a ń kó mọ́ ìsọ̀rí. Ojúṣe ni láti gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń wádìí ẹ̀sùn. Ẹ sọ fún ẹni náà kí ó tó jókòó pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní lè dúró sí àárín ẹ̀yin méjèèjì, torí bí ó bá ti sọ ọ́ tán, ó ti pẹ́ jù láti kìlọ̀.