Ìlà Pupa Létí Báàgì: Yíyọ Ẹ̀yìn Fọ́tò Ọjà Kúrò

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, báàgì aláwọ dúdú ni mo ń tà lórí ayélujára. Orí rọ́ọ̀gì pupa ni mo ti ya fọ́tò rẹ̀. Nígbà tí mo yọ rọ́ọ̀gì náà kúrò tí mo fi funfun sí ẹ̀yìn rẹ̀, ìlà pupa tín-ín-rín ṣẹ́kù yí i ká, ó sì dà bíi pé báàgì náà léfòó. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Rọ́ọ̀gì yẹn ló fa méjèèjì. Àwọn ojú kéékèèké tí à ń pè ní píkísẹ́lì ló para pọ̀ di fọ́tò, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò sì lè ní ju àwọ̀ kan lọ. Píkísẹ́lì tó bọ́ sí ẹnu ààlà gan-an, tí apá kan rẹ̀ wà lórí awọ dúdú tí apá kejì wà lórí rọ́ọ̀gì, kò lè jẹ́ méjèèjì, nítorí náà kámẹ́rà po àwọ̀ méjèèjì pọ̀ di pupa tó ṣókùnkùn. Nígbà tí rọ́ọ̀gì ṣì wà níbẹ̀, ojú kò rí i. Funfun tí ẹ fi rọ́pò rẹ̀ ló tú u fó.

Ẹ tún wo ìdí báàgì náà dáadáa, nítorí pupa mìíràn lè wà níbẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó bà lé rọ́ọ̀gì máa ń ta padà sókè sára awọ tó ń dán. Ìlà tó tín-ín-rín tó sì dọ́gba yíká jẹ́ ti ẹnu ààlà, ṣùgbọ́n pupa tó fẹ̀ nísàlẹ̀ tó sì ń parẹ́ bó ṣe ń gòkè jẹ́ ti ìmọ́lẹ̀ tó ta padà. Kò sí bí ẹ ṣe lè gé èyí kúrò, nítorí ara báàgì gan-an ló wà.

Bí báàgì náà bá ṣì wà lọ́wọ́ yín, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ tún un yà lórí páálí funfun tàbí aláwọ̀ eérú tí ẹ tẹ̀ láti ara ògiri wá sórí tábìlì láìṣẹ́ ẹ. Àwọ̀ tó bá dà pọ̀ mọ́ etí báàgì nígbà náà kò ní tàbùkù rẹ̀. Bí ẹ bá ti tà á, ẹ lè tún èyí tó wà ńlẹ̀ ṣe nínú GIMP, ètò àtúnṣe fọ́tò tí a kì í sanwó fún.

Ẹ kọ́kọ́ fi irinṣẹ́ `Paths` tọ etí báàgì yíká, kí ẹ sì sọ ọ̀nà tí ẹ tọ̀ náà di ibi tí ẹ yàn. Mi ò gba `Fuzzy Select` níyànjú níbí, nítorí àwọ̀ ló fi ń mọ ibi tí yóò yàn, dúdú báàgì àti òjìji orí rọ́ọ̀gì sì súnmọ́ra jù. Lẹ́yìn èyí, ẹ lo àwọn àṣẹ wọ̀nyí:

```
Select > Shrink: 2
Select > Feather: 2
Layer > Mask > Add Layer Mask > Selection
```

Èkíní fa ààlà náà sínú ní píkísẹ́lì méjì, kí ìlà pupa lè bọ́ síta. Èkejì mú kí etí náà rọ̀, kó má baà rí bí ohun tí wọ́n fi sáásì gé. Ẹ̀kẹta fi ìbòjú bo ẹ̀yìn náà láìpa á rẹ́: bí ẹ bá fi ọ̀dà funfun kun ìbòjú yìí, ohun tí ẹ ṣèèṣì gé yóò padà, bí ẹ bá fi dúdú kùn ún, èyí tó ṣẹ́kù yóò lọ. Nínú fọ́tò tó fẹ̀ tó píkísẹ́lì 3000, méjì kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n nínú èyí tó jẹ́ 500, ó lè jẹ ojú ìránṣọ etí báàgì. Ẹ lo 1 níbẹ̀.

Ẹ má gbàgbé àlàfo inú ọwọ́ báàgì. Mo ti fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí oníbàárà rí pẹ̀lú rọ́ọ̀gì tó ṣì ń yọjú níbẹ̀, ojú sì tì mí gidigidi. Láti ìgbà náà, mo máa ń tẹ́ ìpele kan, ìyẹn `Layer`, tó jẹ́ aláwọ̀ ewé tó mọ́ rokoso sábẹ́ ọjà, màá sì sún fọ́tò náà mọ́ra dé 200%. Gbogbo ohun tó ṣẹ́kù ló máa hàn kedere lórí àwọ̀ ewé yẹn, kí n tó yọ ọ́ kúrò kí n fi funfun sí i.

Ní ti pupa ìdí báàgì, ẹ tẹ àwòrán báàgì fúnra rẹ̀, kì í ṣe ìbòjú rẹ̀, kí ẹ yan apá ìsàlẹ̀ nìkan, kí ẹ sì ṣí `Colors > Hue-Saturation`. Ẹ yan `R`, kí ẹ máa fa `Saturation` sílẹ̀ títí pupa náà yóò fi lọ. Ó rọrùn báyìí nítorí pé dúdú ni báàgì yín. Bó bá jẹ́ aláwọ̀ búráùn ni, awọ náà fúnra rẹ̀ ni yóò di eérú, nítorí pupa wà nínú búráùn.

Ó léfòó nítorí pé ẹ yọ òjìji rẹ̀ pọ̀ mọ́ rọ́ọ̀gì. Láàárín báàgì àti funfun, ẹ ṣe ìpele tuntun, kí ẹ fi `Ellipse Select` fa ẹyin pẹlẹbẹ kan sídìí báàgì, kó kéré díẹ̀ sí ìdí náà ní fífẹ̀, kí ẹ sì kùn ún ní dúdú. Ẹ tẹ `Select > None` kí ẹ tó lo `Filters > Blur > Gaussian Blur`, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ inú ẹyin náà ni rírọ̀ yóò há sí, etí rẹ̀ yóò sì máa mú bí abẹ. Mo máa ń ṣe méjì: ọ̀kan tín-ín-rín tó dúdú díẹ̀ níbi tí báàgì ti kan ilẹ̀, tí `Opacity` rẹ̀ wà ní nǹkan bíi 50, àti òmíràn tó fẹ̀ tó sì rọ̀ gan-an, ní nǹkan bíi 20. Ẹ wo irin síìpù: bí ìmọ́lẹ̀ bá ń dán lápá òsì rẹ̀, ọ̀tún ni kí ẹ sún òjìji tó fẹ̀ náà sí. `Drop Shadow` kò bá báàgì tó dúró mu, nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ ló máa ń ju òjìji sí, bí ẹni pé ara ògiri ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé funfun náà funfun tó, àti pé báàgì náà tóbi tó nínú fọ́tò?

Ìdáhùn: Ìkànnì tí ẹ ti fẹ́ tà á ló máa sọ. Lórí Amazon, fọ́tò àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ ní ẹ̀yìn funfun tó jẹ́ 255, 255, 255, kí ọjà sì gba 85% àyè fọ́tò náà. Bí fọ́tò yín bá jẹ́ 2000 ní ìbú àti òró, báàgì náà yóò tó 1700 níbi tó ti gùn jù. Ẹ fi `Color Picker` tẹ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. `ffffff` ló yẹ kí ẹ rí, ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ń gbà kọ 255, 255, 255 nìyẹn. Ẹ fi JPEG ránṣẹ́, ṣùgbọ́n kí ẹ tọ́jú XCF, fáìlì GIMP fúnra rẹ̀, nítorí JPEG kì í tọ́jú ìpele tàbí ibi tí kò ní àwọ̀.

Ìbéèrè: Mo tún ń ta léèsì funfun. Tí mo bá ti fi funfun sẹ́yìn rẹ̀, léèsì náà ń sọnù. Ṣé kí n gé ojú ihò kọ̀ọ̀kan ni?

Ìdáhùn: Ẹ má gé ihò kankan, ọjọ́ yóò ṣú bá yín lórí rẹ̀. Ẹ fi léèsì náà kọ́ síwájú páálí funfun, kí ó jìnnà sí i díẹ̀, kí ẹ sì gbé páálí dúdú kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì, níbi tí kò ti ní wọ fọ́tò. Dúdú yẹn ló máa fa ìlà eérú sí etí òwú, tí ojú yóò fi dá a mọ̀. Ẹ jẹ́ kí páálí ẹ̀yìn gba ìmọ́lẹ̀ ju léèsì lọ. Bí ẹ bá dé inú GIMP, ẹ ṣí `Colors > Levels`, kí ẹ fa ọfà funfun wá sí òsì díẹ̀díẹ̀ títí ẹ̀yìn náà yóò fi di `ffffff`, ihò gbogbo yóò sì funfun pọ̀ mọ́ ọn. Ẹ dúró níbẹ̀. Bí òwú léèsì náà bá ti ń di `ffffff`, ẹ ti fa á jù.