Bí "to" àti "-ing" ṣe pínyà lẹ́nu àwọn Gẹ̀ẹ́sì

Ní oṣù Kejìlá ọdún kan, mo wọlé sí Ìsánlú láti Kàbà, mo kí Bàbá Kékeré "Òkun o", wọ́n sì dáhùn, ṣùgbọ́n ojú wọn wú, orí sì ń fọ́ wọn. Mo bi àbúrò mi obìnrin tó ń tọ́jú wọn léèrè oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó ní wọ́n ti pa á tì láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, torí ó ń fún wọn ní ikọ́ gbígbẹ. Ó ní dókítà mọ̀ sí i, ó tiẹ̀ ní kí wọ́n máa bá a lọ bẹ́ẹ̀. Mo ní kó mú fóònù wá kí n rí ohun tó kọ.

"Daddy stopped to take the drug. He is not coughing again."

Èsì dókítà wà lábẹ́ rẹ̀: "Good. He should continue."

Kò sí ẹni tó purọ́ nínú àwọn méjèèjì. Ohun tí dókítà kà ni pé bàbá ń ṣe nǹkan kan, wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n lo oògùn, ikọ́ sì lọ. Ohun tí àbúrò mi ní lọ́kàn ni pé bàbá ti dáwọ́ oògùn lílò dúró. Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní Kàbà, àìmọye ìgbà ni mo sì ti fi bírò pupa fa igi sórí irú gbólóhùn yìí. Mi ò wá ìdí rẹ̀ rí títí di ọjọ́ náà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lára "stop" fúnra rẹ̀. Kó tó di dídúró, dídí ihò ni ìtumọ̀ rẹ̀. Inú Látìn ayé ìgbẹ̀yìn ló ti wá, láti ara ọ̀rọ̀ kan tó jẹ mọ́ fọ́nrán okùn tí wọ́n ń kì bọ ihò kí omi má bàa jò. Títí dòní, "stopper" ni wọ́n ń pe ohun tí a fi ń dí ẹnu ìgò. Ẹni tó bá ní òun dí, a ó bi í pé kí ló dí. Nǹkan ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e, ìyẹn ọ̀rọ̀-orúkọ.

Ibẹ̀ ni "-ing" ti wọlé. Lẹ́nu àwọn Gẹ̀ẹ́sì ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, "leornian" ni kí èèyàn kọ́ nǹkan. Tí wọ́n bá fẹ́ sọ ọ́ di orúkọ, wọ́n á pè é ní "leornung", ẹ̀kọ́ kíkọ́. "-ung" yìí ló di "-ing". Iṣẹ́ tó ń ṣe kò yàtọ̀ sí ti àpètúnpè lédè wa, tó sọ "mu" di "mímu". Nítorí náà, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì bá ní "stop drinking", ọtí mímu ni ó dí lẹ́nu, bí ìgbà tí èèyàn kì okùn bọ ihò.

"To" ní tirẹ̀, ọ̀nà ni ó ń tọ́ka. "Drincan" ni mímu láyé ìgbà náà, ṣùgbọ́n tí ẹnì kan bá fẹ́ sọ pé torí àtimu ni òun ṣe wá, á fi "tō" síwájú, á sì yí ìparí ọ̀rọ̀ náà padà: "tō drincenne". "Tō" tí wọ́n fi ń sọ pé àwọn ń lọ sí ilé náà ni. Ibi tí ẹsẹ̀ kọjú sí ló ń sọ. "Stop to drink" ṣì di ìtumọ̀ àtijọ́ yẹn mú gírígírí: ó dúró, torí kó lè mu. Kò jìnnà sí ohun tí àwa náà máa ń sọ: "ó dúró láti mumi".

Ká ní ìparí àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn wà bó ṣe wà ni, bóyá kò ní rú ẹnikẹ́ni lójú. Ṣùgbọ́n láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan lẹ́yìn tí àwọn ará Nọ́máńdì gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066, ìparí ọ̀rọ̀ ń já dànù. "Drincenne" dínkù di "drink" lásán, "to" nìkan ló sì kù tó ń fi hàn pé ọ̀rọ̀-ìṣe ni. Ọ̀pọ̀ ibi ni kò ti tọ́ka ọ̀nà kankan mọ́. Ẹ̀dà "-ing" náà kò jókòó sójú kan. Láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹrìnlá ló ti ń gba àbọ̀ tààrà bí ọ̀rọ̀-ìṣe, láìní "of" láàárín. Àwọn méjèèjì wá ń du ìjókòó kan náà lẹ́yìn ọ̀rọ̀-ìṣe.

Ẹni tó fẹ́ rí ìjà náà, kó ṣí Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì tó jáde ní 1611, ní Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí karùn-ún: "they ceased not to teach and preach". "Cease" gba "to" nígbà náà, ó ṣì ń gbà á dòní, bẹ́ẹ̀ ìtumọ̀ kan náà ni òun àti "stop" ní. Ẹni tó bá fi ìyẹn ṣe àwòṣe tó wá kọ "stop to take" kò ya òmùgọ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni wọn kò mú gbogbo wọn gba ọ̀nà kan.

"Want" ló dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo rẹ̀. Láti èdè àwọn ará àríwá Yúróòpù tó tẹ̀dó sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti wá, àìní sì ni ìtumọ̀ rẹ̀. Orin Dáfídì kẹtàlélógún tí gbogbo ilé ní Yàgbà mọ̀ sórí jẹ́rìí sí i: "I shall not want". Àwọn tó tú u sí Yorùbá kò kọ "èmi kì yóò fẹ́". "Èmi kì yóò ṣe aláìní" ni wọ́n kọ. Ẹ̀yìn 1700 ni "want" tó wá ń jẹ́ fífẹ́ dáadáa, ohun tí èèyàn bá sì fẹ́ wà níwájú, ọwọ́ kò tíì tó o, ni "to" fi bá a mu. Ṣùgbọ́n ẹ ó ṣì gbọ́ kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní "the house wants painting". Ilé kò fẹ́ nǹkan kan o. Ọ̀dà ni kò ní.

"Enjoy" kò le. Ohun tó ti wà lọ́wọ́ ẹni là ń gbádùn, "dancing" ló sì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. "Láti" tó wà nínú "mo gbádùn láti jó" ló ń tì wá sí "enjoy to dance". Ẹni tó bá ronú "ijó jíjó" kò ní ṣì í. "Suggest" ló ń ba àlàyé iwájú-àti-ọwọ́ yìí jẹ́, torí ohun tí a dá lábàá kò tíì ṣẹlẹ̀, síbẹ̀ "-ing" ló ń gbà. Yorùbá kọ́ ló ń ṣì wá lọ́nà níbẹ̀. "Ó dábàá pé kí a lọ" bá "he suggested that we go" dọ́gba rẹ́gí. "Advised us to go" tí a kọ́ nílé ìwé ni àwọn ọmọ ń gbé wọ "suggest" lọ́rùn, tí wọ́n á kọ "suggested us to go".

Lálẹ́ ọjọ́ náà ní Ìsánlú, mo jókòó ti àbúrò mi, ó sì tún un tẹ̀: "Daddy has stopped taking the drug. Three weeks now." Dókítà kò tiẹ̀ dúró tẹ èsì. Ó pe fóònù náà lójú ẹsẹ̀, ó ní kí a ka orúkọ tó wà lára páálí oògùn náà sí òun létí, ó sì dárúkọ òmíràn tí kì í fa ikọ́.