«Kò sí kolẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù nínú bọ́tà mi»

Bí mo bá ti bá àwọn tó ń din ṣinṣín tà sọ̀rọ̀ lórí ọ̀rá tíránsì, èsì kan náà ni mo máa ń gbà. Wọ́n á yí ike bọ́tà sí mi, wọ́n á tọ́ka sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kò sí kolẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù nínú rẹ̀. Ó ti sú mi, torí òótọ́ ni wọ́n kọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí mo béèrè nìyẹn.

Òróró èso àti irúgbìn ni wọ́n fi ń ṣe bọ́tà yìí. Kolẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tí à ń jẹ, inú ẹran, ẹyin àti wàrà ló ti ń wá. Èyí tó wà nínú irúgbìn kò tó nǹkan. Ẹni tó ń ta ẹ̀pà náà lè kọ ọ́ sára ìgò rẹ̀.

Ẹ wo ohun tí wọ́n máa ń ṣe sí òróró náà kó tó dì. Wọ́n á gbé e gbóná, wọ́n á fi afẹ́fẹ́ haidirojini sí i, níkẹ́ẹ̀lì, irú irin kan, á sì mú iṣẹ́ náà yá. Bí wọ́n bá ṣe é dópin, á le gan-an, nítorí náà wọ́n ń dá a dúró lágbedeméjì. Ibẹ̀ ni apá kan nínú ọ̀rá tó kù ti ń yí ìrísí: ibi tó ti tẹ̀ tẹ́lẹ̀ á nà tọ́ọ́rọ́. Ọ̀rá tíránsì nìyẹn. Kì í ṣe kolẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù rárá, ṣùgbọ́n bó bá wọ ara, ó ń mú kí LDL, kolẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tó ń dí iṣan ẹ̀jẹ̀, pọ̀ sí i, ó sì ń dín HDL tó dára kù. Ẹ̀dọ̀ wa fúnra rẹ̀ ló ń ṣe kolẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù. Kò dìgbà tó bá ti inú ike wá.

Ìdí nìyẹn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi pe gbogbo orílẹ̀-èdè ní 2018 pé kí wọ́n yọ ọ̀rá tíránsì tí ilé iṣẹ́ ń ṣe kúrò nínú oúnjẹ. Òfin NAFDAC ti 2022 ní kò gbọ́dọ̀ ju gíráàmù 2 lọ nínú 100 gíráàmù ọ̀rá. Ká ní ike bọ́tà jẹ́ gíráàmù 250, tí ọ̀rá inú rẹ̀ jẹ́ 200: gíráàmù 4 ni òpin rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ní kí ẹni tó ń jẹ kálórì 2,000 lójúmọ́ má ṣe jẹ ẹ́ tó gíráàmù 2.2 lóòjọ́.

N kò sọ pé gbogbo bọ́tà ló ní in. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ti ń fi ọ̀rá ọ̀pẹ dì í báyìí. Dídì rẹ̀ kò fi nǹkan kan hàn, epo pupa náà ń dì lọ́yẹ́. Ojú àti ahọ́n ò lè mọ̀ ọ́n. Àkójọ èròjà ni kí ẹ kà: bí ẹ bá rí i pé wọ́n fi haidirojini sí òróró náà ní ìlàjì, ẹ fi í sílẹ̀. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ọ̀rá funfun tí wọ́n ń wọ̀n tà nínú láílọ́ọ̀nù fún àwọn tó ń din ṣinṣín, tí wọ́n ń ṣe míìtì-páì. Kò ní àkọlé kankan. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á fi páálí tó bù ú láti inú rẹ̀ hàn yín.