Ijó Márùn-ún Láìsí Oníjó: Fún Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Bọ̀ Wá Gbọ́ Sẹ́lò

Ní ìparí ètò wa lọ́jọ́ Sátidé, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi yóò jókòó sórí àga onígi tí kò ní apá, yóò fi orúnkún méjèèjì gbá sẹ́lò rẹ̀, gòjé ńlá olókùn mẹ́rin, mú, kò sì ní sí dùùrù tàbí ìlù kankan tí yóò gbè é. Súwíìtì àkọ́kọ́ nínú mẹ́fà tí Johann Sebastian Bach kọ fún sẹ́lò nìkan ni yóò ta. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn ta á lọ́jọ́sí, bàbá kan wá bá mi lẹ́yìn ètò. Ó ní, "Tíṣà, ó dùn létí mi o, àmọ́ mi ò mọ ibi tí ọ̀kan parí sí tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé ètò pé ijó ni. Ta ló jó?"

Ẹnikẹ́ni kò jó, bàbá náà kò sì ṣì í sọ. Èdè Faransé ni súwíìtì ti wá, ohun tó ń tẹ̀ lé ara wọn ló túmọ̀ sí: ijó kan, ijó kejì ń tẹ̀ lé e, títí tí wọn yóò fi tán. Láàfin àti nílé àwọn ọlọ́lá ní Yúróòpù, wọ́n ti jó àwọn ijó yìí tipẹ́ kí Bach tó kọ tirẹ̀. Ní ààfin Köthen ní ilẹ̀ Jámánì, níbi tó ti ń ṣe olórí àwọn olórin láti 1717 sí 1723, ni a gbà pé ó ti kọ wọ́n. Ìjọ Kálífíìnì ni ọmọ-ọba tó gbà á síṣẹ́ ń ṣe, orin rẹpẹtẹ kò sì sí nínú ìsìn wọn, nítorí náà orin ìgbádùn ààfin ló gba ọwọ́ Bach jù nígbà náà. Ìwé tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ti sọnù. Àdàkọ tí Anna Magdalena, ìyàwó rẹ̀, ṣe ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń tẹ̀ lé.

Nígbà tí Bach fi máa kọ ọ́, kì í tún ṣe orin tí ènìyàn ń dìde jó sí mọ́. Orin ìjókòó gbọ́ ló sọ ọ́ dà. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ijó ṣì wà nínú rẹ̀, ohun tí mo sì fẹ́ kí ẹ fi etí wá nìyẹn. Ẹni tó bá ti dé òde àríyá rí mọ̀ pé ibi tí onílù bá ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni ẹsẹ̀ ń lọ. Bí ó bá yí ìtẹ̀mọ́lẹ̀ yẹn padà, àwọn tó wà lójú agbo á yí ijó padà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pàṣẹ. Níbí yìí kò sí onílù. Ọ̀pá tí a ń fà lórí okùn sẹ́lò ló ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀: ibi tí ọ̀pá bá ti wúwo, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti balẹ̀.

Orin mẹ́fà ni ẹ óò gbọ́, èyí àkọ́kọ́ kì í sì í ṣe ijó. Prẹ̀lúùdù ni wọ́n ń pè é. Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gbọ́ ọ rí nínú fíìmù tàbí ìpolówó ọjà, nítorí náà n kò ní fi àkókò ṣòfò lórí rẹ̀. Ṣe ni ó dà bí ẹni tó ń wọ́n okùn wò kí eré tó bẹ̀rẹ̀ gan-an. Ijó márùn-ún ló tẹ̀ lé e, ohùn G sì ni ilé gbogbo wọn, níbi tí orin ti ń sinmi. Ọ̀nà kan náà ni Bach gbà la ijó kọ̀ọ̀kan sí méjì: ìlàjì àkọ́kọ́ ń jáde nílé lọ sí ohùn D, ìlàjì kejì ń wá ọ̀nà padà bọ̀ wá sí G. Ẹ̀ẹ̀mejì-mejì ni a ń ta ìlàjì kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá ti gbọ́ ohun kan náà lẹ́ẹ̀kejì, ẹ má rò pé ọmọ náà ṣì í.

Àlìmáàndì ló ṣáájú. Ará Jámánì ni orúkọ yẹn ń tọ́ka sí ní èdè Faransé. A máa ń kà á ní mẹ́rin-mẹ́rin, ohùn kúkurú kan sì máa ń yọ jáde kí kíkà tó bẹ̀rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn fa ẹ̀mí sínú kó tó sọ̀rọ̀. Nínú gbogbo wọn, òun ló jìnnà sí agbo ijó jù. Kúráàntì tẹ̀ lé e, ìtumọ̀ tirẹ̀ sì ni sísáré. Oríṣi méjì ló wà láyé Bach, ti àwọn ará Faransé tó ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ pẹ̀lú ọlá, àti ti àwọn ará Ítálì tó ń sá eré. Ti Ítálì ni ẹ óò gbọ́ lọ́jọ́ Sátidé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ Faransé ló wà lórí ìwé. Kíkà rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta-mẹ́ta, ó yá, kò sì sí ohun tó ṣòro láti gbọ́ nínú rẹ̀.

Sárábáàndì ni mo fẹ́ kí ẹ dúró lé lórí. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó wà lábẹ́ àwọn ará Sípéènì ni àwọn àkọsílẹ̀ tó lọ́jọ́ lórí jù nípa rẹ̀ ti wá, ijó tó le, tó ń mi ìdí ni. Nígbà tó dé Sípéènì fúnra rẹ̀, ìjọba fòfin dè é ní 1583. Igba pàṣán ni ìyà ẹni tí wọ́n bá gbọ́ tó ń kọ ọ́ lórin, yàtọ̀ sí iṣẹ́ ẹlẹ́wọ̀n nínú ọkọ̀ ojú omi fún ọkùnrin, àti lílé kúrò nílùú fún obìnrin. Ẹ wo bí ayé ṣe ń yí: nígbà tó fi máa dé ààfin Faransé, ijó tí wọ́n ń na ènìyàn lé lórí ti di ijó tó lọ́ra jù, tó lọ́lá jù nínú gbogbo wọn. Ẹ óò gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, bí ẹni wọ agbádá tó ń rọra gun àtẹ̀gùn.

Mẹ́ta-mẹ́ta ni a ń ka òun náà, ṣùgbọ́n orí èjì ni ìwúwo rẹ̀ sábà máa ń wà: ení, ÈJÌ, ẹ̀ta; ení, ÈJÌ, ẹ̀ta. Ẹsẹ̀ kan á balẹ̀, èkejì á balẹ̀, á sì dúró síbẹ̀ díẹ̀. Ó kúrú: bí a bá pe ení-èjì-ẹ̀ta kan ní ìwọ̀n kan, ìwọ̀n mẹ́rìndínlógún péré ni, mẹ́jọ nínú ìlàjì kọ̀ọ̀kan. Láti ìwọ̀n àkọ́kọ́ gan-an ni Bach ti fi kọ́ọ̀dù, ohùn mélòó kan tó ń dún pọ̀, sórí ení, tó tún fi òmíràn sórí èjì, tó sì jẹ́ kí ti èjì pẹ́ ju ti ení lọ.

Ibi tí wàhálà ti dé bá akẹ́kọ̀ọ́ mi nìyẹn. Igi pẹlẹbẹ tó gbé okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sẹ́lò sókè tẹ̀ kọ́rọ́, bí ẹ̀yìn ìjàpá, nítorí náà ọ̀pá kò lè dúró lórí ju okùn méjì lọ kó sì dún dáadáa. Tí a bá fẹ́ ta ohùn mẹ́ta pọ̀, a ní láti bẹ̀rẹ̀ láti orí okùn tó nípọn kí a tó yí ọ̀pá lọ sórí àwọn tó tín-ín-rín. Ọmọ náà ń lo gbogbo agbára rẹ̀ láti yí kọ́ọ̀dù orí ení. Nígbà tó bá dé orí èjì, tí ó yẹ kí ohùn gbòòrò, ọ̀pá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lọ́wọ́ rẹ̀. Ohùn náà á tín-ín-rín, á gbọ̀n, ìwúwo gbogbo á sì fò padà sórí ení. Sárábáàndì á wá di ijó wọ́ọ̀sì, púm-pá-pá, púm-pá-pá. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń sọ fún un pé kó tẹ èjì. Ó ń tẹ̀ ẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ agbára kọ́ ni, ọ̀rọ̀ bí a ṣe ń pín ọ̀pá ni. Nígbà tó yá, mo ní kó gbé sẹ́lò sílẹ̀ kó dìde, a sì jọ rìn yí yàrá náà ká. Ẹsẹ̀ ọ̀tún, ẹsẹ̀ òsì, dúró. Lẹ́yìn náà ni mo fi pẹ́ńsù sàmì sójú ìwé orin rẹ̀ pé kó má ná ju ìdá kan nínú mẹ́rin ọ̀pá lọ lórí ení. Ọjọ́ yẹn gan-an ló yanjú.

Nígbà tó bá ta ìlàjì kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kejì, ẹ óò gbọ́ tí yóò fi ohùn wẹ́wẹ́ ṣe ẹ̀ṣọ́ sí i níhìn-ín lọ́hùn-ún. Àṣà ìgbà náà ni, òun fúnra rẹ̀ ló sì yan èyí tó wù ú. Èmi ìbá ti yọ méjì kúrò nínú wọn, ṣùgbọ́n òun ló ni ọjọ́ náà.

Mínúéètì ló kàn, méjì ni wọ́n. Ìgbà Louis Kẹrìnlá, ọba Faransé, ni ó gbajúmọ̀ láàfin. Ọkùnrin kan àti obìnrin kan á jáde sójú agbo, àwọn yòókù á máa wò wọ́n, ọ̀nà tí àwọn méjèèjì ń tọ̀ lórí ilẹ̀ á sì máa ya bíi lẹ́tà Z. Mẹ́ta-mẹ́ta ni olórin ń kà á, mẹ́fà-mẹ́fà ni oníjó ń kà á, nítorí pé ìṣísẹ̀ mẹ́rin ló ń pín sórí kíkà mẹ́fà. Ìwọ̀n orin méjì ló ń gba oníjó kó tó gbé ẹsẹ̀ ijó kan parí. Ẹ gbìyànjú kí ẹ kà á dé ẹ̀fà, ẹ óò rí i pé gbólóhùn orin náà ń parí níbi tí kíkà yín ti parí.

Ó dá mi lójú pé ibí ni bàbá tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ti sọnù. Ọmọ náà á ta mínúéètì àkọ́kọ́, á bọ́ sí èkejì, á sì tún padà wá ta àkọ́kọ́. Ẹ óò mọ èkejì nígbà tó bá dé, torí pé ṣe ni ojú ọjọ́ á kàn ṣú: ó ti kúrò ní méjọ̀ bọ́ sí máínọ̀, G ṣì ni ilé rẹ̀, àmọ́ bí ìgbà tí ènìyàn pa iná pálọ̀ ni. Nígbà tí iná bá padà tàn, àkọ́kọ́ ti dé nìyẹn. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀ẹ̀kan péré ni a ń ta ìlàjì rẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Jíìgì ló kẹ́yìn, láti ilẹ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn aládùúgbò wọn ni ijó náà ti gba òkun kọjá. Kíkà ńlá méjì ló wà nínú ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ya sí mẹ́ta, ìdí nìyẹn tó fi ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún. Kò gùn, ìṣẹ́jú méjì ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà pẹ̀lú àtúntà rẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pàtẹ́wọ́ láàárín. Ìdákẹ́ tó wà láàárín ijó kan àti òmíràn ni akẹ́kọ̀ọ́ náà fi ń ka ijó tó kàn sínú kó tó fi ọ̀pá lé okùn. Ní ti Jíìgì, ẹ óò rí i tí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ń gbé kúrò nílẹ̀ lábẹ́ àga. Mo ti bá a wí títí, mo ti fi sílẹ̀.