Tókìn àti fèrèsé àyíká-ọ̀rọ̀ nínú mọ́dẹ̀lì èdè

Tókìn ni ègé ọ̀rọ̀ tí mọ́dẹ̀lì èdè ń kà, òun náà ló sì fi ń kọ èsì. Ó lè jẹ́ odidi ọ̀rọ̀, ó lè jẹ́ apá kan ọ̀rọ̀, ó sì lè má tilẹ̀ tó lẹ́tà kan. Fèrèsé àyíká-ọ̀rọ̀ ni iye tókìn tí mọ́dẹ̀lì lè wò papọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìbéèrè, ìwé tí a fún un àti èsì tó ń kọ ni wọ́n jọ ń pín àyè yìí, ohun tó bá sì bọ́ síta kò sí lójú rẹ̀ mọ́. Fèrèsé mọ́dẹ̀lì GPT-2 (2019) jẹ́ tókìn 1,024. Ti Gemini 1.5 (2024) dé mílíọ̀nù kan.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń di tókìn

Ọ̀nà tí a mọ̀ sí BPE, ìyẹn byte pair encoding, ló wọ́pọ̀. Philip Gage ló gbé e jáde ní 1994 láti fi sọ fáìlì ńlá di kékeré. Ètò náà á ka ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé, á wá ègé méjì tó máa ń tẹ̀lé ara wọn jù lọ, á so wọ́n di ọ̀kan, á sì máa tún un ṣe bẹ́ẹ̀. Báìtì ni ẹyọ kékeré tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú ọ̀rọ̀. Ní ti GPT-2, báìtì 256 ni ìpìlẹ̀, ìsopọ̀ 50,000 ló tẹ̀ lé e, pẹ̀lú àmì àkànṣe kan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 50,257. Èdè tó bá pọ̀ nínú ìwé tí wọ́n kà ló ń jẹ ìsopọ̀ wọ̀nyí jù. Èdè tí kò pọ̀ níbẹ̀ á máa fọ́ sí wẹ́wẹ́, nígbà mìíràn títí dé orí báìtì.

Ọ̀rọ̀ Yorùbá

Ibí ni àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ ti ń náni ní tókìn. Ẹ jẹ́ ká mú orúkọ ìlú Ògbómọ̀ṣọ́. Lẹ́tà méje ni akọ́mọlédè máa kà níbẹ̀, nítorí «gb» jẹ́ ẹyọ kan. Ní UTF-8, ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń sọ lẹ́tà di báìtì, ó di báìtì 20: Ò jẹ́ méjì, g àti b jẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó jẹ́ méjì, m jẹ́ ọ̀kan, ọ̀ jẹ́ márùn-ún, ṣ jẹ́ mẹ́ta, ọ́ sì jẹ́ márùn-ún. «Ogbomoso» láìlámì kò ju báìtì mẹ́jọ lọ. Bí ètò kò bá ní ìsopọ̀ kankan fún lẹ́tà alámì, orúkọ kan ṣoṣo yìí lè gba tókìn 20.

Ohun mìíràn tún wà tí ojú kì í rí. Bí kíbọọ̀dù bá kọ lẹ́tà lọ́tọ̀, tó sì kọ gbogbo àmì lọ́tọ̀, orúkọ kan náà di báìtì 22, bẹ́ẹ̀ ìrísí rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà kò yàtọ̀. Fáìlì tí ọwọ́ méjì tẹ̀ sábà máa ń da oríṣi méjèèjì pọ̀. Ìlà kan ti tó láti mú wọn bára mu:

```python
import unicodedata
s = "Ògbómọ̀ṣọ́"
s = unicodedata.normalize("NFC", s)
print(len(s.encode("utf-8")))
```

Àwọn kan máa ń yọ gbogbo àmì kúrò kí tókìn lè dín kù. Ìyẹn náà ní gbèsè tirẹ̀: oko, ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ á di «oko» kan náà, mọ́dẹ̀lì á sì máa fi ọ̀rọ̀ tó yí i ká méfò.

Ìdí tí fèrèsé fi ní ààlà

Nínú mọ́dẹ̀lì onítiransifọ́mà, irú ìgbékalẹ̀ tó jáde ní 2017 tí ọ̀pọ̀ mọ́dẹ̀lì èdè ń lò, tókìn kọ̀ọ̀kan ni a ń fi wé àwọn yòókù. Bí ìwé bá gùn ní ìlọ́po méjì, iṣẹ́ ìfiwéra yìí á di ìlọ́po mẹ́rin. Àwọn ọgbọ́n kan wà tó ń dín ìnira náà kù.

Ìwé gígùn

Ká ní ẹnì kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ kọ ìtàn ìlú tó jẹ́ ọ̀rọ̀ 60,000. Gẹ̀ẹ́sì tó gùn tó bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ́ nǹkan bíi tókìn 80,000. Bí ọ̀rọ̀ Yorùbá kọ̀ọ̀kan bá gba tókìn mẹ́ta, ó di 180,000, kò sì ní wọ fèrèsé 128,000. Ètò kan á kọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀, èyí sì sàn. Òmíràn á gé ìwé náà kù láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀nà láti mọ̀ ni kí a béèrè ohun tó wà ní ojú-ìwé àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn nìkan.

Kódà bí ìwé bá wọlé tán, ìwádìí Nelson Liu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ (2023) fi hàn pé àwọn mọ́dẹ̀lì tí wọ́n yẹ̀ wò sábà máa ń lo ohun tó wà níbẹ̀rẹ̀ àti ìparí dáadáa ju ti àárín lọ.

Àtúnṣe tó wọ́pọ̀ ni gígé ìwé sí abala. Nínú ìtàn yìí, orí kìíní lè sọ bí Ògúnlọlá ọdẹ ṣe bẹ́ orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ̀, lẹ́yìn náà kí ìwé máa pe Ògúnlọlá ní «Ṣọ̀ún» nìkan. Oyè ni Ṣọ̀ún, ọ̀pọ̀ ọba ló sì ti jẹ ẹ́. Bí a bá gé orí kẹsàn-án sọ́tọ̀, mọ́dẹ̀lì kò ní mọ Ṣọ̀ún wo ni, «ó» tí a ń lò fún ọkùnrin àti obìnrin kò sì ní là á yé e. Ó lè gbé ogun ọba kan fún òmíràn, kí gbólóhùn rẹ̀ sì dán mọ́rán. Mímú kí abala kọ̀ọ̀kan wọnú èyí tó tẹ̀ lé e díẹ̀ kò tó fún irú èyí, torí orúkọ náà lè wà ní ogún ojú-ìwé sẹ́yìn. Ohun tó máa ń ṣiṣẹ́ ni kí a kọ ìlà kan sórí abala kọ̀ọ̀kan, tó dárúkọ ọba tí ọ̀rọ̀ kàn àti àsìkò rẹ̀.