Omi Tó Ń Kán Nígbà Tí Òjò Ò Rọ̀

Oṣù Kẹta ni Alhaji kan pè mí láti Ìsọlọ̀. Ó ní, "Ẹnjiníà, òrùlé tuntun yìí ti ń jò." Mo bi wọ́n pé ìgbà wo ni òjò rọ̀ gbẹ̀yìn lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí òjò ti rọ̀ gbẹ̀yìn, síbẹ̀ omi ń kán sórí páálí oògùn tí wọ́n kó sínú ilé ìkẹ́rùsí náà, ní ìlà kan gbọọrọ tó lọ tààrà láàárín ilé.

Kí n tó débẹ̀, ẹni mẹ́ta ti gbowó lọ́wọ́ wọn. Kápẹ́ńtà àkọ́kọ́ fi ọ̀dà kun orí gbogbo súkúrù. Ẹnì kejì fi sílíkóònù pa ojú ibi tí àwọn páńẹ́lì tí wọ́n fi ṣe òrùlé náà ti pàdé. Ẹnì kẹta ò tilẹ̀ gun àkàbà. Ó ní omi tí ń kán láìsí òjò, ọwọ́ ayé ló wà nídìí rẹ̀, ó sì gbowó ètùtù. Inú mi bàjẹ́ púpọ̀ nígbà tí mo gbọ́ iye owó náà, nítorí kò sí ọ̀tá kankan níbẹ̀. Ìrì ni.

Ẹ gbé ìgò omi tútù jáde látinú fíríìjì, kí ẹ gbé e sórí tábìlì. Kó tó pẹ́, ara ìgò á ti kún fún omi, bẹ́ẹ̀ ni ìgò náà ò jò. Inú afẹ́fẹ́ ni omi yẹn ti wá. Lọ́jọ́ tí ooru Èkó bá wà ní 30°C, tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ sì jẹ́ 80%, ohunkóhun tó bá tutù ju nǹkan bíi 26°C lọ ni ìrì á sẹ̀ sí lára bí afẹ́fẹ́ yẹn bá kàn án. Ẹ̀rọ amúlétutù Alhaji wà lórí 20°C tọ̀sán tòru. Irin abẹ́ òrùlé wọn ti di ìgò omi tútù nìyẹn. Ohun tó kù ni ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ìta á gbà dé ara rẹ̀.

Afẹ́fẹ́ ò lè gba inú páńẹ́lì fúnra rẹ̀ kọjá. Páànù tín-ín-rín méjì ni, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ fóòmù láàárín bí ẹ̀já búrẹ́dì méjì ṣe ń di ẹyin mú, irin kì í sì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọjá. Ojú ìsopọ̀ ni afẹ́fẹ́ ń bá wọlé. Nínú ilé tí a bá sì ń mú tutù, òkè gan-an ló ti máa ń wọlé jù, nítorí afẹ́fẹ́ tútù wúwo. Á máa sọ̀ kalẹ̀, á máa yọ́ gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde, bó sì ti ń jáde nísàlẹ̀ ni yóò máa fa afẹ́fẹ́ gbígbóná wọlé láti góńgó òrùlé, ibi tí àwa ń pè ní ríìjì.

Mo gun àkàbà láti inú ilé, mo di bébà tíṣù pẹlẹbẹ kan mú sábẹ́ ríìjì. Ẹnikẹ́ni nínú yín lè ṣe èyí. Bí bébà náà bá rọ̀ tààrà, kò sí ohun tó ń wọlé níbẹ̀. Tèmi ń fì sísàlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí lójú. A gun òkè, a tú ìwọ̀n mítà méjì kúrò nínú irin tó bo ríìjì. Àlàfo tó wà láàárín páńẹ́lì apá ọ̀tún àti tòsì tó ìbú ọwọ́ mi, òfìfo ni, mo sì ń rí páálí oògùn nísàlẹ̀ látibẹ̀. Tìmùtìmù tó yẹ kó dí abẹ́ irin náà níbi tí páànù ti lọ sókè-sódò kò sí níbẹ̀ rárá. Ẹyẹ ti kọ́ ìtẹ́ síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí a ṣe ń dí ojú ìsopọ̀ dáadáa, nítorí ibi tí èmi fi ń mọ ẹni tó kọ́ṣẹ́ nìyẹn. Gọ́ọ̀mù bútáìlì ni à ń lò, ó máa ń wá ní wíwé bí téèpù. Kí a tó gbé páńẹ́lì kejì lé àkọ́kọ́ ni à ń tẹ̀ ẹ́ sójú ìkọ́, láìjá, láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kí súkúrù lè fún un mọ́ àárín irin méjèèjì. Ẹni tó bá to páńẹ́lì tán, tó wá ń fi sílíkóònù kùn ún lókè, ẹ má sanwó fún un. Páànù tó gùn ní mítà 10, tó wà ní 25°C láàárọ̀, tí oòrùn ọ̀sán sì mú dé 70°C, á fi bíi mílímítà 5 gùn sí i, á tún sún kì lálẹ́. Sílíkóònù tí wọ́n kùn sórí eruku ò lè bá a rìn bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, á ṣí kúrò. Bútáìlì máa ń rọ̀, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ irin bó ti wù kó sún tó.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń wo ìwé ilẹ̀ òkèèrè ṣiṣẹ́ kì í rò. Nínú ìwé wọn, inú ilé ni wọ́n ti ń ya ìlà tí afẹ́fẹ́ ò gbọ́dọ̀ kọjá, torí pé òtútù wà níta lọ́dọ̀ wọn, inú ilé sì ni ooru àti ọ̀rinrin wà. Ilé tútù tiwa l'Ékòó yàtọ̀ pátápátá. Ìta ni ooru àti ọ̀rinrin tiwa ti ń bọ̀, ojú ìta ni gọ́ọ̀mù tó ṣe pàtàkì jù gbọ́dọ̀ wà. Bí ẹ bá dí inú nìkan, ọ̀rinrin á wọ inú ìsopọ̀, á sì di omi síbẹ̀ níbi tí ojú yín ò tó.

Iṣẹ́ Alhaji gba ọjọ́ mẹ́rin. A pa ẹ̀rọ amúlétutù, a jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ gbẹ, a ki òwú òkúta, ìyẹn òwú tí wọ́n fi òkúta yíyọ́ ṣe, sínú àlàfo náà títí tí kò gba ìka mọ́, a fi irin pẹlẹbẹ dé e nínú, a fi tìmùtìmù àti bútáìlì dí abẹ́ irin òkè. Omi náà dáwọ́ dúró.

Ṣùgbọ́n nígbà tí a ṣí ríìjì náà, mo rí ohun tó bà mí lẹ́rù ju omi lọ. Ojú ibi tí wọ́n ti gé páńẹ́lì wà ní ìhòòhò, fóòmù funfun oníhóró ló sì wà nínú rẹ̀, irú èyí tó máa ń wà nínú páálí tẹlifíṣọ̀n. EPS ni wọ́n ń kọ sínú ìwé rẹ̀. Mo bi Alhaji bóyá wọ́n mọ̀ pé òun ni wọ́n tà fún wọn. Wọ́n ní, "Wọ́n dán an wò lójú mi. Ẹni tó tà á tan láítà sí i, kò jó."

Láítà yìí ti sú mi. Fóòmù oníhóró máa ń sún sẹ́yìn fún iná kékeré. Ó ń yọ́ ni, ẹni tó ń wò á sì rò pé kò jó. Nígbà tí ooru bá fi díẹ̀ kọjá 100°C, á fún pọ̀, bí ooru náà bá ń pọ̀ sí i, á yọ́ di omi gbígbóná, omi yẹn á sì máa kán, á máa jó níbi tó bá dé. Àárín irin méjì ló wà, nítorí náà omi panápaná ò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ní Hereford, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 1993, panápaná méjì kú nínú ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń pa adìyẹ, tí irú páńẹ́lì yìí wà nínú rẹ̀.

Fóòmù aláwọ̀ ìpara tó máa ń wó bí ìyẹ̀fun lọ́wọ́ ni PUR àti PIR. Wọn kì í yọ́. PIR máa ń di èédú lójú ibi tí iná bá ti kàn án, èédú yẹn sì ń dáàbò bo èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n èéfín àwọn méjèèjì lóró gan-an. Ẹ kò lè fojú dá wọn mọ̀ yàtọ̀, nítorí náà ẹ gba ìwé àyẹ̀wò iná, kí ẹ sì rí i pé páńẹ́lì odidi ni wọ́n yẹ̀ wò, pé kì í ṣe fóòmù nìkan. Òwú òkúta kì í jó. Àbùkù tirẹ̀ ni pé ó wúwo, pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́dọ̀ nípọn ní ìlọ́po méjì PIR kó tó dènà ooru bákan náà, àti pé bí ojú ìsopọ̀ bá jò, omi ń bà á jẹ́.

Òṣùwọ̀n ló dára ju láítà lọ. Ẹ gé páńẹ́lì onímílímítà 100 ní mítà kan níbùú àti lóòró, kí ẹ wọ̀n ọ́n. Páànù méjèèjì, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ ààbọ̀ mílímítà, á tó kílò 8. Pẹ̀lú fóòmù funfun, gbogbo rẹ̀ á jẹ́ bíi kílò 9 sí 10. Pẹ̀lú PIR, bíi 12. Pẹ̀lú òwú òkúta, bíi 18. Ẹni tó bá sọ pé òwú òkúta lòun tà fún yín, tí òṣùwọ̀n sì ń ka 10, irọ́ ló ń pa.

Mo ń ṣàlàyé èyí lọ́wọ́ ni Alhaji sọ pé ajórin ń bọ̀ ní Sátidé láti wá jó irin tí wọ́n máa gbé sólà lé sórí òrùlé náà. Mo jókòó. Mo sọ ohun tí ojú mi rí ní Orégun fún wọn.

Ọmọkùnrin kan tí kò tíì pé ọdún 25 ló ń fi gíráńdà gé irin lórí òrùlé ilé iṣẹ́ kan lọ́jọ́ náà. Ẹ̀ta iná bọ́ sí ojú páńẹ́lì tí wọ́n gé tí wọn ò fi irin dé. Wọ́n da ike omi kan sí i, èéfín náà lọ, wọ́n sì jẹun ọ̀sán. Nígbà tó yá, èéfín yọ ní nǹkan bíi mítà 10 síbẹ̀, lójú ìsopọ̀ mìíràn. Ọmọ náà gbé korobá omi, ó sáré lọ síbẹ̀. Páńẹ́lì tó ń sáré lórí rẹ̀ kò ní fóòmù nínú mọ́. Fóòmù ló ń so irin méjèèjì pọ̀ kí wọ́n tó lè gbé èèyàn. Bó bá ti yọ́, orí páànù ààbọ̀ mílímítà lèèyàn dúró sí. Òrùlé náà ká mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó já bọ́ sórí sìmẹ́ńtì láti òkè mítà 7. Ó yè, ṣùgbọ́n igi ló fi ń rìn dòní. Nígbà tí mo gbé páànù náà sókè lọ́jọ́ kejì, ohun tó kù láàárín rẹ̀ kò ju ìpele tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó dì bí ìda àbẹ́là, ìrísí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ sì wà lára irin òkè.

Mo ní kí wọ́n fi súkúrù de irin sólà mọ́ orí páńẹ́lì dé ara pọ́lìnì, irin gígùn tó gbé páńẹ́lì dúró, kí ẹnikẹ́ni má jó irin tàbí gé e lókè níbẹ̀, kí a fi irin dé gbogbo ojú fóòmù tó wà ní ìhòòhò. Bí èéfín bá yọ, kí wọ́n kó èèyàn jáde, kí wọ́n pe 767 tàbí 112, kí ẹnì kankan má gun òkè.

Alhaji fa fóònù yọ, wọ́n pe ajórin náà níwájú mi, wọ́n ní kó má wá ní Sátidé mọ́.